Káàdì Bàbá Awakọ̀

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí nílé ìwòsàn wa, bẹ́ẹ̀ n kò bí ẹyọ kan nínú wọn. Kọ̀ǹpútà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́jú gbogbo wọn, láti inú yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó korobá àti ìgbálẹ̀ sí. Bí ìwé bá há sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èmi ni. Bí dókítà bá gbàgbé páásíwọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, èmi náà ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń kanra nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má ka á sí. Iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo kórìíra jù láyé ni kí kọ̀ǹpútà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, kí onítọ̀hún tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìka ohun tó béèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè pé ta ni. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún tẹ̀ ẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ̀ka àwọn tí kì í mí dáadáa lójú oorun pè mí. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, wá wo káàdì yìí. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo lọ. Káàdì mẹ́mọ́rì kékeré kan, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, ló ki bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Windows sì ti gbé àpótí ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta pé ìṣòro wà nínú díráìfù yìí, kí á yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, kí á sì tún un ṣe.

“Kí lẹ máa ń ṣe tó bá sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní òun ti tún un ṣe. Tó bá wá di Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún ní kí n tún un ṣe. Èwo ló tún ṣe nígbà yẹn?”

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn yẹn bọ́gbọ́n mu.

Ibi tí káàdì náà ti wá nìyí. Ẹ̀ka náà ní ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí èèyàn nímú lójú oorun kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí. Wọ́n á yá aláìsàn ní ọ̀kan fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀rọ yẹn máa ń kọ gbogbo mímí rẹ̀ lálaalẹ́ sórí káàdì, káàdì á sì wá sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí káàdì bá fi hàn pé aláìsàn lo ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ní alẹ́ mọ́kànlélógún nínú ọgbọ̀n, ẹ̀rọ di tirẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò dá a padà, yóò sì lọ to ẹ̀yìn ìlà. Oṣù mẹ́rin ni ìlà náà ń gbà.

Ẹni tó ni káàdì yìí jókòó síta lórí àga onírin, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tí ọrùn rẹ̀ ki bí igi ìdáná. Oorun ló gbé e lọ lórí ìjókòó awakọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ fi wọ kòtò. Ọlọ́run yọ ọ́, kò pa ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, kì í jẹ́ kó nìkan jáde. Bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, orí Bàbá Awakọ̀ ti ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Alẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀?” mo bi Nọ́ọ̀sì.

“Ọ̀sẹ̀ méjì, alẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó kù, orúkọ fáìlì wà, òfìfo ni inú wọn.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá náà búra pé òun ń lò ó. Mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bó bá jẹ́ pé káàdì tàbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́, màá fagi lé ohun tó ti kọjá, màá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn fún wọn. Àmọ́ ìwọ lo máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló bàjẹ́. Ọ̀gá ò ní gbọ́ tẹnu mi.”

Bí ọ̀ràn ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo bá kọ “káàdì bàjẹ́” lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò. Ṣùgbọ́n n kì í kọ ohun tí n kò mọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè.

Mo kọ́kọ́ fura sí kọ̀ǹpútà Nọ́ọ̀sì. Mo ki káàdì àwọn aláìsàn márùn-ún tó kù bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Windows kò béèrè nǹkan kan lórí wọn. Ọwọ́ kọ̀ǹpútà mọ́. Mo fura sí káàdì. Mo fún Bàbá Awakọ̀ ní tuntun, mo sì mú ti àtijọ́ lọ sí yàrá mi. Mo da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ síbòmíì, mo wá fi nǹkan kún un títí dé ẹnu, mo sì kà á padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí èyí tó yí padà. Ọwọ́ káàdì náà mọ́. Mo gbé ẹ̀rọ kan, irú ti Bàbá Awakọ̀, tí aláìsàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà, wá sórí tábìlì mi. Mo tan án, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó dúró, mo yọ káàdì. Windows ò sọ̀rọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, àwọn ọmọ iṣẹ́ ìmọ́tótó sì ń yọjú wo ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú yàrá mi.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, mi ò tẹ bọ́tìnnì. Mo kàn fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Ìṣòro wà nínú díráìfù yìí.

Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣí káàdì láti kọ nǹkan sí i, ó máa ń fi àmì kékeré kan síbẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bó bá kọ ọ́ tán, yóò kọ bí fáìlì ṣe gùn tó, yóò sì pa àmì rẹ́. Àmì yẹn ni Windows máa ń kọ́kọ́ wò nígbà tí a bá ki káàdì bọ̀ ọ́. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé akọ̀wé dìde lójijì láìpa ìwé dé, yóò wá béèrè bóyá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, yóò pa àmì náà rẹ́, yóò sì ṣa àwọn àjákù tí kò mọ fáìlì tó ni wọ́n jọ. Kò lè mọ ẹni tó lé akọ̀wé dìde. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rẹ̀ kì í fi í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

“Ẹnì kan ló ń paná mọ́ ẹ̀rọ yẹn lórí,” ni mo wí.

“Àbí iná ló ń lọ?”

Mo pe ọmọ wọn aránṣọ lórí fóònù. Ó ní iná kò lọ rárá, pé aago ara sítóòfù àwọn máa ń padà sí òdo bí iná bá lọ bó ti wù kó kéré mọ, kò sì tíì padà. Mo wá bi í pé ta ní ń pa ẹ̀rọ láàárọ̀.

“Màmá ni. Nílé wa, Àǹtí, a kì í fi nǹkan sílẹ̀ lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n o, áyọ́ọ̀nù o, Màmá á ti pa súwìṣì wọn.”

Ó tán. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí Bàbá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ fúnra wọn bí wọ́n bá jí, kí wọ́n dúró títí iná ara rẹ̀ á fi kú, lẹ́yìn náà ni kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri. Bàbá Awakọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé mo fún wọn nílé. Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Ó ní bí Ọjọ́bọ̀ bá dé tí káàdì mọ́, kí n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ni kò fara da kí iná kú lójijì, òun á sì bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tuntun fún wọn. Mo ń súfèé lọ sí yàrá mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mi ò mọ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀ kẹta dé. Nọ́ọ̀sì ki káàdì tuntun bọ̀ ọ́, Windows sì béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo Bàbá Awakọ̀, tí ọmọ rẹ̀ ti mú wọlé. Ó tẹrí ba bí ọmọ ilé ìwé.

“Mo ń tẹ bọ́tìnnì o, ọmọ mi. Tí mo bá jí, màá tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ó ti máa ń kú kí n tó jí. Ìbomú náà á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.” Ó nu ojú. “Èmi ni mo ń bọ́ ọ lójú oorun. Mi ò mọ ìgbà tí mo ń bọ́ ọ. Mo ti ń dọmọdé nìyẹn.”

“Tí ẹ bá bọ́ ọ lójú oorun, ẹ̀rọ á ṣì máa ṣiṣẹ́, sà,” mo wí. “Ìyẹn ò lè paná.”

Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá lọ bó ṣe ń lọ. Àmọ́ orí mi ti gbóná sí káàdì yìí. Mo ní kí Nọ́ọ̀sì má fọwọ́ kan “tún un ṣe” rárá. Mo kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo káàdì náà bó ṣe wà, títí kan ibi tó ṣófo, kí n má baà ba ojúlówó jẹ́. Orí àdàkọ ni mo wá ti jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́. Bó ṣe parí, mo ní kó fi àwọn fódà tó máa ń fi pamọ́ hàn mí. Ó wà níbẹ̀: fódà kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tó kó àwọn àjákù tó rí sí. Fáìlì méje, tí orúkọ wọn jẹ́ nọ́ńbà lásán. Ti káàdì àtijọ́ náà, tó wà nínú àdàkọ tí mo ṣe kí n tó dán an wò, ní irú fódà bẹ́ẹ̀ méjì. Gbogbo alẹ́ tí a rò pé ó sọnù ló wà níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni Windows ti ń kó wọn jọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

“Ẹ wá wò ó!” mo pariwo, inú mi dùn bí aláìmọ̀kan. “Mo rí wọn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Gbogbo rẹ̀ pé!”

Nọ́ọ̀sì sún àga mọ́ mi. Mo ṣí ọ̀kan. Ìlà ọ̀rọ̀ lásán ni: aago, agbára afẹ́fẹ́, iye èémí. Ó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́. Bàbá ń mí dáadáa, èémí kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ń mirí. A sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, òru. Ìlà náà gé láàárín, kò tilẹ̀ parí.

Mo ṣí èkejì. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹta, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Mo ṣí gbogbo wọn tán. Kò sí èyí tó pé wákàtí mẹ́ta.

“Kí n tó rí èyí,” Nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́, “alẹ́ tó sọnù ni wọ́n. Alẹ́ tó sọnù, mo lè bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí ti di alẹ́ tí wọn ò lò ó.”

“Ẹ ò lè ṣe bíi pé ẹ ò rí i?”

“Mo ti rí i.” Ó fa ìwé àbọ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. “Wò ó. Ibi mẹ́ta ló wà láti fàmì sí: ẹ̀rọ, káàdì, ẹni tó ń lò ó. Kò sí ibi kẹrin. Obìnrin tó kàn lórí ìlà ń sùn lórí àga láti oṣù mẹ́ta, kò lè dùbúlẹ̀. Tí mo bá purọ́ fún ẹni yìí, òun ni mo purọ́ mọ́.”

Mi ò fàmì sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mo fẹ́ lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wọn kí n tó kọ ọ́.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, mo mú káàdì òfìfo kan dání fún wọn, mo gun àtẹ̀gùn mẹ́ta dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá ló ṣílẹ̀kùn. Ó kéré, apá rẹ̀ sì le bíi ti ọkùnrin; ilé búrẹ́dì ni ó ti ṣiṣẹ́ tó fi fẹ̀yìn tì, Ìyá Búrẹ́dì ni gbogbo ilé náà ń pè é. Nínú pálọ̀, Bàbá Awakọ̀ ti sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ń hanrun débi pé ife orí tábìlì ń gbọ̀n nínú àwo rẹ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sí yàrá. Ẹ̀rọ wà lórí àpótí lápá ọ̀dọ̀ Bàbá. Wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn ibùsùn kọjá sí òdì kejì, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yàrá náà wà. Súwìṣì rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ìrọ̀rí ìyàwó.

Mo wo súwìṣì. Mo wo Ìyá. Mi ò tíì la ẹnu tó fi jókòó sórí ibùsùn.

“Èmi ni,” ó wí. “Mo ti ń retí pé ẹnì kan á wá.”

“Kí ló dé, mà?”

“Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe búrẹ́dì. Aago kan òru la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí po ìyẹ̀fun. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ara mi ò tíì gbọ́. Tí aago kan bá ti lù, ojú mi á là.” Ó na ìka sí pálọ̀. “O gbọ́ ariwo yẹn? Ogójì ọdún ni mo ti ń sùn tì í. Àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bàbá àwọn ń wakọ̀ lójú oorun. Tó bá hanrun, mo mọ̀ pé ó wà. Tó bá dákẹ́, mo máa ń fi igbọ̀nwọ́ gún un, á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni ẹ̀rọ rẹ̀ kí tiyín tó dé.”

Ó kọjú sí ẹ̀rọ orí àpótí.

“Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé èyí wá, mo jí láago kan. Ilé dákẹ́. Mo nawọ́ kàn án, mo kan rọ́bà. Mo rò pé ó ti lọ ni. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́ lálẹ́ yẹn.”

“Ó ń mí, mà. Ẹ̀rọ yẹn ni kò jẹ́ kó hanrun. Híhanrun yẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀.”

“Mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé fún mi dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án. Láago kan òru, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.” Ó ń fi ọwọ́ na aṣọ ibùsùn bí ẹni ń na ìyẹ̀fun. “Màá paná ara ògiri, màá rọra bọ́ ohun ojú rẹ̀ fún un. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí hanrun báyìí, oorun á gbé mi lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń búra pé mi ò ní ṣe é mọ́.”

“Bàbá rò pé àwọn ni wọ́n ń bọ́ ọ.”

Ìyá Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò sì pariwo, kí ó má baà jí i. Ó bi mí pé ṣé màá sọ fún un. Mo ní èmi kọ́ ló yẹ kó sọ ọ́. Ó bi mí pé bí òun bá jáwọ́ láti alẹ́ òní, ṣé wọn yóò fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn. Alẹ́ mẹ́jọ ló kù, mọ́kànlélógún ni wọ́n sì ń wá. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì purọ́, mo ní kó gbìyànjú. Ó di ìṣù búrẹ́dì kan fún mi nínú ìwé ìròyìn. Mo gbé e délé, mi ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo délé iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, mo fàmì sí ibi kẹta lórí ìwé náà, mo sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ gbogbo ohun tí Ìyá sọ fún mi. Mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn ìwé. Ọ̀gá kà á. Ó ní ó dun òun gan-an, àmọ́ ìlà ni ìlà.

Ọmọ wọn aránṣọ wá bá mi nínú yàrá mi, téèpù ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó.

“Àǹtí, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn tẹ ‘tún un ṣe’ bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Tí ẹ kàn kọ ọ́ pé káàdì bàjẹ́?”

“Wọn ì bá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tuntun fún yín.”

“Ọgbọ̀n ọjọ́.” Ó ń wo ilẹ̀. “A ì bá ti rí ìdí rẹ̀ fúnra wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.”

Bóyá wọn ì bá rí i, bóyá wọn ò ní rí i. Ó dùn mí débi pé n kò lè bínú, èmi tí n kì í pẹ́ bínú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá ìdí ọ̀rọ̀, n kò rò ó rí pé ìdí ọ̀rọ̀ lè jẹ́ obìnrin kan tó ń bẹ̀rù.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn dé, ó ku alẹ́ méjì kó pé ọgbọ̀n. Gbogbo wọn ló wá, Ìyá Búrẹ́dì ló sì fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà, ó pọ́n ọn sínú aṣọ funfun bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Bàbá Awakọ̀ ń rìn fẹ́rẹ́, ojú tirẹ̀ mọ́ kedere. Ó ní òun kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ òun.

“Ìyá ti sọ fún mi,” ó wí fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ó ní òun kàn fẹ́ máa gbọ́ mi ni. Ta ni màá bínú sí?”

“Ṣé Màmá náà ń sùn báyìí, sà?”

“Rárá o. Ó ń jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ lé mi láyà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Tó bá dọ̀sán, ó ní iṣẹ́ ń bẹ nílé.”

Nọ́ọ̀sì ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa dúró. Windows kò béèrè nǹkan kan. Fáìlì jáde létòlétò: alẹ́ mẹ́fà, wákàtí méje, wákàtí méje ààbọ̀, méje. Kò sí èyí tó gé. N kò rí káàdì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà wọ́n, ó fi alẹ́ kan ti ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ó ní bí méjì tó kù bá pé náà, mẹ́sàn-án ni. Ó gbé ìwé ìdápadà síwájú wọn. Aránṣọ bá bàbá rẹ̀ bu ọwọ́ lù ú. Wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ìlà. Mo tú wáyà ẹ̀rọ kúrò, mo ká a, mo sì gbé e sórí pẹpẹ fún obìnrin tó ń sùn lórí àga.

Wọn ò tètè lọ. Aránṣọ lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí àga onírin níta. Bí mo ṣe jáde láti lọ sí yàrá mi, mo bá wọn bẹ́ẹ̀. Alẹ́ tó mọ́jú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti lo ẹ̀rọ kẹ́yìn, àìsùn àtẹ̀yìnwá kò sì tíì tán lára Bàbá. Ó ti sùn lọ, orí rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Gbogbo ẹni tó wà níta ń wò ó, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Búrẹ́dì ti gbórí lé èjìká rẹ̀. Òun náà ti sùn fọnfọn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, aṣọ funfun tó fi pọ́n ẹ̀rọ ṣì wà lórí itan rẹ̀. Oorun ọjọ́ mẹ́fà ni.

Híhanrun náà dúró lójijì.

Mo dúró pẹ̀lú. Mo ń kà á nínú ara mi: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ mi tí mo lè ṣe sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó lè ṣe é wà lórí pẹpẹ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Ìyá Búrẹ́dì kò la ojú. Igbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló gbéra láàárín oorun, ó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Awakọ̀ mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.